Bọ́fà Tí Wọ́n Sá Sóòrùn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé n kò ní sùúrù fún òmùgọ̀. Àwọn tó bí mi mọ̀, àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ pọ̀ náà mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ọsibítù. Wọn kò gbà mí síbẹ̀ láti fọ aṣọ. Omi ni wọ́n gbà mí fún. Wọ́n fún mi ní yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ, wọ́n ń pè é ní láàbù, wọ́n sì ń pe èmi náà ní Àǹtí Láàbù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà nínú láàbù náà kò kún orí tábìlì ìdáná kan.

Omi bọ́ọ̀hólù wa le. Omi tó le kò yàtọ̀ lójú sí omi mìíràn. Kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù ló yọ́ sínú rẹ̀ láti inú ilẹ̀, ẹ̀yin kò sì ní rí wọn títí ẹ ó fi da ọṣẹ sí i. Ọṣẹ kò ní hó. Aṣọ funfun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí aṣọ tí ọyẹ́ fẹ́ lù. Nínú bọ́ílà tó ń se omi di oru fún àwọn áyọ́ọ̀nù wa, èépá funfun yóò máa lẹ̀ mọ́ irin, yóò máa nípọn, títí bọ́ílà yóò fi máa jẹ gáàsì láìgbóná. Nítorí náà ni a ṣe ní sọ́fúnà, àgbá gíga kan tí wọ́n kó wóró-wóró kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò sí nínú. Omi á gba inú wóró wọ̀nyí kọjá, wọn á gba líle rẹ̀ sára. Tí wọ́n bá ti gbà á yó, omi iyọ̀ ni a fi ń ṣàn wọ́n kí wọ́n lè pọ̀ ọ́ jáde.

Bàbá kan ló ń ṣe iṣẹ́ iyọ̀ náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti dàgbà, ó ń gbé ní Egan, kò sì sí ọjọ́ tó wá sí ibi iṣẹ́ láìgbé búta àlùwàlá rẹ̀ dání. Bàbá Oníyọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Kò ka ìwé kankan bí kò ṣe kéú. Ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí sọ́fúnà yó bí ìyá ṣe ń mọ ìgbà tí ebi ń pa ọmọ. Ó máa ń bu omi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ọṣẹ dúdú pa á, á wo bó ṣe hó, á ní, "Àǹtí, ó kù di ọ̀la." Lọ́jọ́ kejì, tí mo bá yẹ omi náà wò nínú láàbù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣẹ.

Àyẹ̀wò tèmi kò le. Ọmọ ìwé girama tó bá fetí sílẹ̀ lè ṣe é, ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń fetí sílẹ̀ kò pọ̀. Màá wọn omi sínú fúláàsìkì. Màá fi bọ́fà díẹ̀ sí i. Bọ́fà yìí ni omi amóníà tí a pò mọ́ iyọ̀ amóníà. Tí ẹ bá ṣí i, òórùn rẹ̀ á wọ imú yín lọ sí àárín orí, omi á bọ́ lójú yín. Lẹ́yìn náà, màá bu ẹ̀tù dúdú kan, tíńtín báyìí, sí i. Ìyẹn ni indikétọ̀, òun ló ń fi àwọ̀ sọ̀rọ̀. Tí líle bá wà nínú omi, indikétọ̀ á dì í mú, omi á sì pupa bíi sóbò. Ìgbà yẹn ni màá wá ṣí búrẹ́ẹ̀tì, gíláàsì gígùn tó ní ìlà wíwọ̀n lára, kí EDTA, omi oògùn inú rẹ̀, máa kán sínú fúláàsìkì. Kò sí ohun tó ń di kálísíọ́mù àti magnẹ́síọ́mù mú tó EDTA. Á kọ́kọ́ kó èyí tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, á wá já èyí tó wà lọ́wọ́ indikétọ̀ gbà. Bó bá ti já èyí tó kẹ́yìn gbà, indikétọ̀ á kù lóun nìkan, á sì gbé àwọ̀ ara rẹ̀ wọ̀, búlúù bí aró. Màá ti búrẹ́ẹ̀tì pa, màá ka iye EDTA tó wọlé. Bí EDTA bá ṣe pọ̀ tó ni omi ṣe le tó. Omi tó bá ti ọ̀dọ̀ sọ́fúnà tó yá gágá bọ̀ kì í dúró de EDTA rárá. Bí ẹ bá ti fi ẹ̀tù sí i, búlúù ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àmọ́ o, gbogbo ohun tí mo sọ yìí, bọ́fà ló gbé e dúró. Indikétọ̀ kì í ní àwọ̀ búlúù níbi tí ásíìdì bá wà. Níbẹ̀, pupa ni, ìbáà di líle mú, ìbáà má di nǹkan kan mú. Bí EDTA bá sì ṣe ń gba líle náà ló ń tú ásíìdì sílẹ̀. Bọ́fà ló ń gbé ásíìdì yẹn mì, òun ló sì ń jẹ́ kí omi dúró sójú kan, ní ìwọ̀n mẹ́wàá lórí bébà tí a fi ń wọn ásíìdì, níbi tí àwọ̀ ti lè sọ òtítọ́. Omi bọ́ọ̀hólù agbègbè wa tiẹ̀ ti ní ásíìdì díẹ̀ láti inú ilẹ̀ wá. Ẹ yọ bọ́fà kúrò níbẹ̀, kí ẹ máa kán EDTA títí ilẹ̀ ó fi ṣú, pupa lẹ ó máa wò.

Ọ̀gá tuntun dé sí àárín wa lọ́dún tó kọjá. Ìyá tó ni ilé iṣẹ́ ló mú un wá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ó ní ìwé ẹ̀rí nípa bí a ṣe ń darí ènìyàn. Bàtà rẹ̀ ń dán, kò sì sí ohun tí kì í ya fọ́tò rẹ̀. Ó gbé ọ́fíìsì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láàbù mi nítorí pé ibẹ̀ ni àtẹ́gùn tútù ẹ̀rọ ti ń wọlé dáadáa, ó wá ń bínú pé láàbù ń rùn. Ẹni tó kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ́ á wá máa bú ilé ìgbẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Madam, òórùn yìí kò professional rárá o. Kí ni nǹkan yìí tiẹ̀ ń ṣe gan-an?"

Ẹ wò ó, ìbéèrè gidi ni. N kò mọ̀ ọ́n sí ìbéèrè gidi lọ́jọ́ yẹn. Bàtà ni mò ń wò.

"Ó ń rùn ni, sà," ni mo fi fèsì. "Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn."

Àwọn obìnrin tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì yí padà. Inú mi dùn títí di ọ̀sán. Mo tiẹ̀ tún un sọ fún Bàbá Oníyọ̀ nígbà tó wá gbé omi àyẹ̀wò fún mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, èmi náà ò mọ ohun tó ń ṣe o." Mo ní kó má dà á láàmú, ọ̀rọ̀ kẹ́místírì ni.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọmọ mi obìnrin bímọ ní Abẹ́òkúta. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n lè lọ wẹ ọmọ. Ọ̀gá ní òun fúnra òun ni yóò máa ṣe àyẹ̀wò omi títí màá fi dé. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Mo kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀ fún un sórí bébà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: omi tó báyìí, bọ́fà tó báyìí, ẹ̀tù tó báyìí, EDTA títí á fi di búlúù. N kò kọ ìdí kankan síbẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé ta ni màá kọ ìdí fún.

Nígbà tí mo padà dé, búta Bàbá kò sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ. Mo bi àwọn obìnrin tó ń lọ aṣọ. Ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ti lé e, Àǹtí. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ọ̀gá ní kò fi iyọ̀ sí sọ́fúnà mọ́, pé ó ń jí iyọ̀ gbé lọ tà. Wọ́n ní kí géètìmáànù tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba níbí, lójú gbogbo wa. Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ àti búrẹ́dì ló bọ́ síta."

"Aṣọ ńkọ́? Aṣọ ti ń dúdú ni?"

"Ó tì o. Ó funfun gbòò. Ọṣẹ ń hó bó ṣe ń hó tẹ́lẹ̀."

Mo lọ bá ọ̀gá. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, kí n má purọ́. Ó mú mi wọ láàbù, ó sì ṣe àyẹ̀wò níwájú mi bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí. Ó wọn omi sọ́fúnà, ó fi bọ́fà sí i, ó bu ẹ̀tù sí i. Ó pupa bíi sóbò. Ó ṣí EDTA. Ó ń kán, ó ń kán, ìlà búrẹ́ẹ̀tì ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Omi ṣì pupa.

"Ẹ rí i?" ni ó wí. "Búrẹ́ẹ̀tì odindi! Sọ́fúnà ti kú pátápátá. Bàbá yẹn kò fi iyọ̀ kankan sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Mo wò ó. Ọkùnrin tí aṣọ funfun wà lójú rẹ̀ kòrókòró, tí ọṣẹ ń hó ní ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀, ó gbà pé irọ́ ni aṣọ ń pa, pé ọṣẹ náà ń parọ́, pé fúláàsìkì nìkan ló ń sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló gbé mi lọ́kàn. Ó ti da bọ́fà sínú fúláàsìkì, omi kò sì bọ́ lójú mi. Imú mi kò gbọ́ nǹkan kan.

"Sà, kí lẹ ṣe sí bọ́fà yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ń retí pé kí n bi òun.

"Mo ti bá yín yanjú òórùn yẹn. Nílé wa, tí nǹkan bá ń rùn, a máa ń sá a sóòrùn ni. Mo dà á sínú ọpọ́n fífẹ̀, mo gbé e sórí òrùlé ilé jẹnẹrétọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi àwọ̀n bò ó kí eṣinṣin má bọ́ sí i. Nígbà tí mo dà á padà sínú ìgò, kò rùn mọ́. Ó ti mọ́."

Àwọ̀n. Kí eṣinṣin má bọ́ sí i. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ láyé mi, n kò tíì gbọ́ èyí tí wọ́n fi àwọ̀n bò. Ó sá bọ́fà bí ẹní ń sá èlùbọ́, amóníà fò lọ sójú ọ̀run, omi iyọ̀ amóníà lásán ló kù nínú ìgò. Mo mú bébà tí a fi ń wọn ásíìdì, mo tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìgò náà. Ó yẹ kó fi mẹ́wàá hàn. Kò dé méje, ásíìdì ti wà níbẹ̀.

N kò bá a jà. Mo pe ìyá tó ni ilé iṣẹ́ lórí fóònù, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ wá sí láàbù kí ọjọ́ tó kanrí. Obìnrin tó gbọ́n ni, ọjà ló kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n dé, mo gbé ìgò omi dístíìlì jáde, èyí tí a gbà láti ara oru, tí kò ní kálísíọ́mù, tí kò ní nǹkan kan nínú. Mo ní kí ọ̀gá fi bọ́fà rẹ̀ tó mọ́ yẹn ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Ó ṣe é. Ó pupa.

"Ìyá," ni mo wí, "tí omi tí kò ní nǹkan kan nínú bá le, a jẹ́ pé Bàbá Oníyọ̀ náà ló jí iyọ̀ rẹ̀ gbé."

Mo wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo fi amóníà tuntun po bọ́fà mìíràn, gbogbo wọn fi ọwọ́ bo imú, mo sì bù ú sínú omi pupa kan náà. Ó di búlúù kí n tó mi fúláàsìkì tán. Mo ṣe ti omi sọ́fúnà, búlúù ni láìkán EDTA kankan. Ọ̀gá ya fọ́tò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ya fọ́tò rẹ̀.

Ìyá náà kò pariwo. Wọ́n yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ní, "Ṣé o bi Àǹtí kí o tó sá a ni?" Ó ní òun ti bi mí rí. Wọn kò bi í ohun tí mo dá a lóhùn, èmi náà kò sì sọ. Wọ́n ní kí n lọ bẹ Bàbá kó padà sẹ́nu iṣẹ́, pé àwọn á bá a sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì.

Mo lọ sí Egan lọ́jọ́ náà. Bàbá jókòó níwájú ilé lórí ẹní, kò wọ bàtà, kò sì dìde bó ṣe máa ń dìde kí mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Inú ọ́fíìsì ni wọ́n fẹ́ ti bá mi sọ̀rọ̀?" ni ó bi mí. "Ìta gbangba ni wọ́n ti tú báàgì mi. Àwọn ọmọ tí mo tó bí lọ́mọ ló dúró yí mi ká. Àwọn náà ni kó rí òtítọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá rí i tán, ká wá mọ̀."

Ìyá gbà, wọ́n dá ọjọ́ kan. Ọ̀gá ní ara òun kò yá lọ́jọ́ náà, kò wá. Mo gbé tábìlì síta, mo to búrẹ́ẹ̀tì sórí rẹ̀, gbogbo àwọn tó ń fọ, àwọn tó ń lọ, àwọn awakọ̀, àti géètìmáànù tó tú báàgì, gbogbo wọn pagbo. Bàbá wọ agbádá funfun, ó gbé búta rẹ̀ dání. Mo kọ́kọ́ fi bọ́fà tí wọ́n sá ṣe ti omi sọ́fúnà, wọ́n rí pupa tí wọ́n fi pè é lólè. Mo fi bọ́fà tuntun ṣe é, búlúù tàn kedere nínú oòrùn. Mo wá ṣe ti omi bọ́ọ̀hólù tí kò kọjá lọ́dọ̀ Bàbá rí, kí wọ́n lè mọ ohun tí líle gan-an jẹ́: pupa, EDTA ń kán, pupa, ó ń ṣú lọ sí àyìnrín, lẹ́ẹ̀kan náà ó di aró. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Géètìmáànù dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá lórí símẹ́ńtì. Ìyá náà kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kó má bínú. Ó ní òun ti gbà.

Mo gbé orí sókè bí ẹni tó ja ogun bọ̀. Mo tiẹ̀ tún sọ fún wọn pé ẹ wò ó, òórùn tí ẹ ń sá fún yìí gan-an ni agbára rẹ̀, tí òórùn bá ti lọ, iṣẹ́ lọ. Wọ́n mi orí. Ìgbà yẹn ni Bàbá yíjú sí mi.

"Ṣé o ti mọ èyí tipẹ́?"

"Ah, Bàbá! Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ọmọ yẹn bi ọ́. Èmi náà sọ fún ọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó ti mọ̀ ọ́n fún ogún ọdún, ta lo sọ fún?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó búrẹ́ẹ̀tì kúrò lórí tábìlì. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni tèmi kó ọ̀ràn bá.

Bàbá kò dúró dè mí. Ó bu omi sọ́fúnà sínú búta rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ó ní Ọlọ́run á fún wọn ní ẹlòmíràn, ó sì gba ẹnu géètì jáde. Kò padà wá. Mo gbọ́ pé ó ń bá àwọn oníyọ̀ kan ṣiṣẹ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá báyìí. Ọ̀gá ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbé ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sí òkè. Lọ́jọ́ kejì mo ya bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri kúrò, mo jókòó láti kọ òmíràn, mo sì kọ ọ́ síwájú gbogbo ìgbésẹ̀ pé: bọ́fà gbọ́dọ̀ rùn, ìdí rẹ̀ nìyí. Ó gba ojú bébà kan péré. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi kọ ọ́.